Láti inú àpilẹ̀kọ sí ojú kámẹ́rà: àkọsílẹ̀ iṣẹ́ lórí fídíò omi iyọ̀ àti ṣúgà

Ohun tó wà nílẹ̀

Àpilẹ̀kọ ọ̀rọ̀ 1,140 ló wà nílẹ̀, lórí bí wọ́n ṣe ń po omi iyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń ya ìgbẹ́ gbuuru. Fídíò la fẹ́ fi ṣe. Ẹnì kan á jókòó sídìí tábìlì, á dojú kọ kámẹ́rà, á sì máa bá ẹni tó ń wò ó sọ̀rọ̀ bó ṣe ń po omi náà lọ́wọ́. Kò gbọdọ̀ ju ìṣẹ́jú 4 lọ, torí ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń ṣàìsàn kò ráyè ìjókòó.

Àpilẹ̀kọ náà dára, gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ ló sì tọ̀nà: omi mímọ́ lítà 1, ṣúgà ṣíbí ìpo-tíì 6, iyọ̀ ìdajì ṣíbí kan náà, kí orí ṣíbí tẹ́jú. Àmọ́ nígbà tá a kà á sókè bó ṣe wà, ó dún bí ìkéde. Ẹni tó ń gbọ́ ọ kò lè mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń bá wí. Nítorí náà, kì í ṣe gígé kúrú nìkan ni iṣẹ́ tó wà níbẹ̀. Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kọjú sí gbọ́dọ̀ yí padà, bí nǹkan ṣe tẹ̀ léra nínú rẹ̀ náà sì gbọ́dọ̀ yí padà.

Ọ̀rọ̀ mélòó ló máa wọ ìṣẹ́jú 4?

Kò sí iye kan tó bá gbogbo ẹnu mu. Ẹni tó máa sọ̀rọ̀ gan-an la ní kó ka ọ̀rọ̀ 100 sókè, bó ṣe máa sọ ọ́ fún ará ilé, a sì fi aago fóònù wọ̀n ọ́n. Ìṣẹ́jú àáyá 42 ló gbà á. Bí a bá ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìṣẹ́jú 4 á gba nǹkan bí ọ̀rọ̀ 570.

Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti máa ń ṣìrò. Wọ́n á kọ 570, fídíò á sì di ìṣẹ́jú 5, torí ọwọ́ náà ń gba àkókò. Ṣúgà ṣíbí 6 tí wọ́n ń bù, tí wọ́n ń fá orí rẹ̀, gbà tó ìṣẹ́jú àáyá 30. Pípo rẹ̀ títí tí ṣúgà fi yọ́ gbà tó 10. Kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ béèrè nǹkan, kó sì dákẹ́ díẹ̀ kí ẹni tó ń wò ó ráyè wo ọmọ rẹ̀, ìyẹn náà tún tó 10. A yọ ìṣẹ́jú àáyá 50 yìí kúrò, ó ku ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 10 fún ẹnu. Ọ̀rọ̀ 450 ló wọ ibẹ̀. Iye yẹn la kọ sókè ìwé kí gígé tó bẹ̀rẹ̀.

Gígé

Ìbéèrè kan ṣoṣo la fi ka àpilẹ̀kọ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀: bí ẹni tó wà nílé bá gbọ́ gbólóhùn yìí, kí ni ọwọ́ rẹ̀ máa ṣe? Gbólóhùn tí ọwọ́ kò ní ṣe nǹkan kan sí, a fa ìlà sí i lórí. Ìpínrọ̀ 2 tó sọ̀rọ̀ nípa kòkòrò àrùn tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru lọ. Ìpínrọ̀ tó ṣàlàyé ìyàtọ̀ láàárín omi tí wọ́n po nílé àti ORS alápò, ìyẹn àpòpọ̀ iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ti dì sápò, lọ pẹ̀lú, ó ku gbólóhùn kan péré níbẹ̀.

Àlàyé kan wà tó dà bíi pé kò kan ọwọ́, àmọ́ a kò fọwọ́ kàn án. Àpilẹ̀kọ náà sọ pé ṣúgà ló ń bá iyọ̀ àti omi gba ara ìfun kọjá wọnú ẹ̀jẹ̀. Bí èèyàn bá gbọ́ ṣúgà, ohun tó kọ́kọ́ máa ń wá sí i lọ́kàn ni pé adùn lásán ni wọ́n fi í ṣe, tàbí pé ṣúgà kò dáa fún ọmọ, á sì dín in kù. Gbólóhùn kan tó sọ ìdí tí ṣúgà fi wà níbẹ̀ ló máa dá ọwọ́ rẹ̀ dúró. Àlàyé tó ń dènà àṣìṣe ní àyè nínú fídíò. Èyí tó kàn ń fi ìmọ̀ kún ìmọ̀ lè dúró sínú àpilẹ̀kọ, ibẹ̀ ló bá a mu.

Lẹ́yìn gígé, a tún ètò rẹ̀ tò. Nínú àpilẹ̀kọ, àmì ewu ló kẹ́yìn, bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀: ohun tó fa àìsàn, ìtọ́jú, ìgbà tó yẹ kí wọ́n gbé ọmọ lọ sílé ìwòsàn. Ẹni tó ń kàwé lè fojú wá ìsàlẹ̀ lọ. Ẹni tó ń wo fídíò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀, bó bá sì ti rí ìwọ̀n ṣúgà àti iyọ̀ tán, á gbé fóònù sílẹ̀. Ọmọ tí ojú rẹ̀ ti jìn wọnú, tí kò lè mu nǹkan mọ́, ìyá rẹ̀ á ti máa wọn ṣúgà nígbà tó yẹ kó ti wà lójú ọ̀nà. Nítorí náà, àmì ewu bọ́ síwájú, kí ọwọ́ tó kan ṣíbí rárá.

Ta là ń pè ní "ẹ"?

Ibi tó gba àkókò jù nìyí, mo sì rò pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ fídíò lédè Yorùbá ti ń yọrí tàbí kó bàjẹ́.

"O" kò ṣeé lò. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ kò mọ ọjọ́ orí ẹni tó ń wò ó. Ìyá àgbà tó ń tọ́ ọmọ-ọmọ wà níbẹ̀, bàbá ọmọ wà níbẹ̀, bí wọ́n bá sì gbọ́ "gbé omi rẹ wá" lẹ́nu ọmọdé, ọ̀rọ̀ parí nìyẹn. "Ẹ" la gbọ́dọ̀ lò. Àmọ́ "ẹ" kan náà la fi ń bá ẹgbẹ̀rún èèyàn sọ̀rọ̀ nínú gbọ̀ngàn. Bí kámẹ́rà bá ti wà níwájú èèyàn, ẹnu rẹ̀ á máa fà sí ti gbọ̀ngàn. Á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé "gbogbo ẹ̀yin òbí wa pátá", "ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé àtẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lóko". Ohùn rẹ̀ á gòkè, ojú rẹ̀ á kúrò lára ẹnì kan ṣoṣo tó gbé fóònù dání.

Ohun tó sọ "ẹ" di ọ̀wọ̀ fún ẹnì kan ni ọ̀rọ̀ tó bá yí i ká. "Ọmọ yín", kì í ṣe "àwọn ọmọ yín". "Ṣíbí tó wà lọ́wọ́ yín", kì í ṣe "àwọn ṣíbí yín". "Ó ti yàgbẹ́ tó ìgbà mélòó láti àárọ̀?", kì í ṣe "àwọn ọmọdé máa ń yàgbẹ́". A wá gbogbo "àwọn" nínú ìwé náà, a rí 23, a sì bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá ó yẹ kó dúró. Ó ku 3. Gbogbo "òbí" àti "ìyá" náà di "ẹ̀yin", torí kò sẹ́ni tó ń pe ara rẹ̀ ní òbí nínú ọkàn rẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Àṣìṣe kan tún máa ń yọ́ wọlé: kí wọ́n fi "ẹ" bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n sì fi "rẹ" parí, bíi "ẹ gbé ọmọ rẹ mọ́ra". Ó ń wọlé bí ẹni méjì bá jọ kọ ọ̀rọ̀ náà, tàbí bí wọ́n bá lẹ ìpínrọ̀ láti ibòmíràn mọ́ ọn. Nínú Google Docs, a fi `Ctrl+F` wá "rẹ". Á gbé "rẹ̀" jáde pẹ̀lú, nítorí náà ojú ló máa yẹ̀ wọ́n wò níkọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú 5 ni, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni fò ó.

Ìpínrọ̀ kan, ṣáájú àti lẹ́yìn

Bó ṣe wà nínú àpilẹ̀kọ nìyí:

> Ní ti pípèsè omi iyọ̀ àti ṣúgà, àwọn òbí gbọ́dọ̀ rí i dájú pé omi tí wọ́n máa lò jẹ́ omi tí ó mọ́ tónítóní, èyí tí a ti sè tí a sì ti jẹ́ kí ó tutù. Ìwọ̀n omi náà ni lítà 1, inú èyí tí a óò po ṣúgà ṣíbí ìpo-tíì 6 àti iyọ̀ ìdajì ṣíbí mọ́. Ó ṣe pàtàkì kí a mọ̀ pé iyọ̀ tí ó bá pọ̀ jù lè ṣe ọmọ ní jàǹbá.

Ojú kò ní rí àléébù kan níbẹ̀, etí ló máa rí i. "Àwọn òbí", "wọ́n" àti "a" jọ wà nínú ìpínrọ̀ kan, ẹni tó ń gbọ́ ọ kò sì sí nínú èyíkéyìí. "Èyí tí" àti "inú èyí tí" kò sí lẹ́nu ẹnikẹ́ni tó ń po nǹkan lọ́wọ́. Ìwọ̀n omi, ìwọ̀n ṣúgà àti ìwọ̀n iyọ̀ dé lẹ́ẹ̀kan náà, nígbà tí ọwọ́ ṣì ń ṣí ike omi. Èyí tó burú jù ni pé ìkìlọ̀ iyọ̀ dé lẹ́yìn tí iyọ̀ ti wọnú omi.

Bó ṣe di nìyí:

> Ẹ gbé omi yín wá. Omi tẹ́ ẹ ti sè, tó ti tutù. Lítà kan ni. Tó bá jẹ́ píọ̀ wọ́tà lẹ ní, ẹ wo ara ọ̀rá yẹn. Ṣé nọ́ńbà NAFDAC wà níbẹ̀? Ṣé 50cl ni wọ́n kọ síbẹ̀? Ọ̀rá méjì ni. Ẹ dà á sínú ike tó mọ́.
>
> Ó yá, ṣíbí. Èyí tẹ́ ẹ fi ń po tíì, kì í ṣe ti ọbẹ̀. Ẹ bu ṣúgà, kẹ́ ẹ fi ẹ̀yìn ọ̀bẹ fá orí ẹ̀ kó tẹ́jú. Báyìí. Ení. Èjì. Ẹ̀ta. Ẹ̀rin. Àrún. Ẹ̀fà. Ó tán. Ẹ má dín in kù o, ṣúgà yìí ló máa fa omi wọnú ara ọmọ yín.
>
> Iyọ̀ ló kù. Ẹ dúró ná, ẹ má tíì bù ú. Tí iyọ̀ bá fi pọ̀ jù, jàǹbá ló máa ṣe é. Ṣíbí tíì yẹn náà, ìdajì ẹ̀ péré.
>
> Ẹ pò ó. Ẹ tọ́ ọ wò kẹ́ ẹ tó fún un. Tó bá níyọ̀ ju omijé lọ, ẹ dà á nù, ká po òmíràn.

Ó gùn ju ti àpilẹ̀kọ lọ. Kò sóhun tó burú níbẹ̀. Bí wọ́n bá gé ibi tí kò kan ọwọ́, àyè á wà fún ibi tí ọwọ́ wà.

Wọ́n bi wá bóyá kò ní sú èèyàn láti gbọ́ "ení, èjì, ẹ̀ta" títí dé "ẹ̀fà", pé ṣé a ò ní kàn ka ọ̀kan ká sì fo ìyókù. A fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó ń bu ṣúgà lọ́wọ́ nílé ń bá a kà á ni, bí fídíò bá sì fò, á sọ iye nù. Bí ẹlòmíràn bá kàn ń wò ó láìpo nǹkan kan, ìṣẹ́jú àáyá 30 kò ní pa á lára.

Ìkíni

Àkọ́kọ́ tá a kọ bẹ̀rẹ̀ báyìí: "Ẹ káàárọ̀ o, ẹ káàsán o, ẹ kúùrọ̀lẹ́ o, ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá ń wo fídíò yìí, ẹ káàbọ̀." Ìṣẹ́jú àáyá 8 lọ, ẹni tó ń wò ó kò sì tíì mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ òun ni. Èkejì kò kí ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ látorí "Ọmọ yín ń yàgbẹ́ gbuuru?" Ìyẹn yá, àmọ́ ó dún bí ẹni tó já wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Yorùbá kò lè bá àgbà sọ̀rọ̀ láìkí i.

Ojútùú rẹ̀ wà nínú èdè fúnra rẹ̀. Kò sí ipò tí èèyàn lè wà tí kò ní ìkíni tirẹ̀, ìkíni tó bá sì bá ipò mu á ti sọ ẹni tá à ń bá sọ̀rọ̀:

> Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ o. Tó bá ti ń yàgbẹ́ gbuuru láti àárọ̀, omi ara ẹ̀ ló ń bá a lọ. Ẹ jẹ́ ká dá a padà. Ẹ wá ṣúgà, iyọ̀, ṣíbí tíì, àti omi. Ẹ dá fídíò yìí dúró kẹ́ ẹ lọ kó wọn wá, màá dúró dè yín.

"Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ" kò gbà ju ìṣẹ́jú àáyá 2 lọ. Ẹni tí kò tọ́jú ọmọ mọ̀ pé kì í ṣe òun, ẹni tó ń tọ́jú ọmọ sì mọ̀ pé wọ́n rí òun. Kíkí yìí ló ṣe iṣẹ́ tí ìpínrọ̀ àkọ́kọ́ àpilẹ̀kọ fi ọ̀rọ̀ 90 ṣe.

Ìwé tí ẹnu máa kà

A ṣe tábìlì onílà 2 nínú Google Docs. Apá òsì ni ohun tí ẹnu máa sọ, apá ọ̀tún ni ohun tí ojú máa rí: ọwọ́, ṣíbí, nọ́ńbà tó máa jáde lójú fídíò. Nọ́ńbà kì í wà ní apá òsì. Lápá òsì, bí a bá kọ "6", ẹni tó ń kà á á dúró kó rò ó, torí ó lè jẹ́ "mẹ́fà", ó lè jẹ́ "ẹ̀fà", ó lè jẹ́ "ẹ̀ẹ̀mẹ́fà", ó sì lè bọ́ sórí "síìsì". Lẹ́tà la fi kọ ọ́ níbẹ̀. Lápá ọ̀tún, "6" gbàǹgbà la kọ, torí ojú ni yóò kà á.

Àmì ohùn kò ṣeé fi sílẹ̀. Ẹ wo gbólóhùn yìí bí kò bá ní àmì: "E po o, ko gbodo po." Ẹni tó kọ ọ́ mọ̀ pé "Ẹ pò ó, kò gbọdọ̀ pọ̀" lòun ń sọ. Ẹni tó ń kà á níwájú kámẹ́rà, tí iná ń tàn sí i lójú, lè kà "kò gbọdọ̀ pò", á dúró, á tún un bẹ̀rẹ̀. Ibi 4 tó ti kọsẹ̀ nígbà àkọ́kọ́, 3 nínú wọn jẹ́ ibi tí àmì ti sọnù.

A tún kọ ọ́ bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́, kì í ṣe bí ilé ìwé ṣe ń kọ ọ́: "kẹ́ ẹ" dípò "kí ẹ", "tẹ́ ẹ" dípò "tí ẹ", "ká" dípò "kí a", "orí ẹ̀" dípò "orí rẹ̀". Bí ìwé bá kọ "kí ẹ tó fún un", ẹni tó ń kà á á kà á bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ohùn rẹ̀ á sì di ti ẹni tó ń ka ìròyìn. Kò sẹ́ni tó lè máa rántí láti pa á pọ̀ bó ṣe ń kà á lọ.

Ohun kan tó dá wa dúró ní wákàtí kan: nígbà tá a kó ọ̀rọ̀ náà wọnú áàpù tó ń yí ọ̀rọ̀ sókè lójú fóònù, "ẹ́" di "ẹ" pẹ̀lú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kọ̀ǹpútà ní lẹ́tà "ẹ" lódindi, ó sì ní "é" lódindi, àmọ́ kò sí "ẹ́" lódindi. Lẹ́tà kan àti àmì kan ni wọ́n ń tò léra, oríṣi lẹ́tà, ìyẹn fọ́ǹtì, tí áàpù yẹn ń lò kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó. A yí i sí Noto Sans, ó sì bọ́ sípò. Kẹ́ ẹ tó kó odindi ọ̀rọ̀ wọlé, ẹ fi ìlà yìí dán áàpù yín wò:

```
ẹ́ ẹ̀ ọ́ ọ̀ ṣ ń ǹ
```

Bí àmì kan bá yà kúrò lórí lẹ́tà rẹ̀, ẹ pààrọ̀ fọ́ǹtì tàbí áàpù.

Ní ti ojú, fóònù wà ní ìwọ̀n mítà 1 àti ààbọ̀ sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, ojú kámẹ́rà sì bá ojú rẹ̀ dọ́gba. A fún ìlà ọ̀rọ̀ pọ̀ kó má ju ọ̀rọ̀ 5 lọ, a sì gbé e sún mọ́ ojú kámẹ́rà. Bí ìlà bá fẹ̀, ẹyinjú á máa rìn láti òsì sí ọ̀tún, ẹni tó ń wò ó á sì rí i pé ìwé ni wọ́n ń kà fún òun. Bí kámẹ́rà iwájú fóònù lẹ bá ń lò, ẹ lẹ bébà bo àwòrán ara yín lójú fóònù, torí ojú á máa sá lọ síbẹ̀ láìmọ̀.

Ìbéèrè tó ń dúró gbọ́ ìdáhùn

Nínú àpilẹ̀kọ, àmì ewu jẹ́ ìlà 4 tó tò léra. A sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan di ìbéèrè:

> Kẹ́ ẹ tó po nǹkan kan, ẹ wo ọmọ yín. Ṣé ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ ẹ̀? Ṣé ojú ẹ̀ ti jìn wọnú? Ṣé kò lè mu nǹkan mọ́, àbí gbogbo ẹ̀ ló ń bì jáde? Ṣé ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ó ṣòro láti jí i? Tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni sí ọ̀kan péré, ẹ má ṣe dúró ti fídíò yìí. Ilé ìwòsàn ni, báyìí. Tó bá lè mu nǹkan, ẹ máa fún un lómi mu lọ́nà.

Lẹ́yìn ìbéèrè kọ̀ọ̀kan, a kọ "(wò wọ́n, ìṣẹ́jú àáyá 2)" sí apá ọ̀tún. Láìsí ìyẹn, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á da mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀ mọ́ ara wọn, wọn á sì padà di àkójọ. Ìbéèrè tí wọn kò dúró de ìdáhùn rẹ̀ kì í ṣe ìbéèrè létí ẹni tó ń gbọ́. Ìwọ̀nba ibi díẹ̀ la tún ti lò ó, bíi: "Ṣé ó ṣì ń mu ọmú? Ẹ má dá a dúró o." Bí ìbéèrè bá wà ní gbogbo ibi, ó di àṣà ẹnu lásán.

Àyẹ̀wò

Láti 1980 sí 1990, lórílẹ̀-èdè Bangladesh, àjọ BRAC rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé láti kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe ń po irú omi yìí. Bí ohun tí àwọn ìyá náà bá rántí nígbà tí wọ́n padà wá bi wọ́n ṣe pọ̀ tó ni wọ́n fi ń san owó fún olùkọ́. Òṣùwọ̀n yẹn la yá lò. Ohun tí ẹni tó gbọ́ ọ bá lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe la fi wọn ọ̀rọ̀ náà, ì báà ṣe pé ó dùn létí tàbí kò dùn.

A ka ọ̀rọ̀ náà sókè fún ẹni 3 láìsí àwòrán kankan. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 10, a gbé omi, ike, ṣúgà, iyọ̀ àti oríṣi ṣíbí 3 síwájú wọn, a ní kí wọ́n pò ó.

Ẹnì kìíní mú ṣíbí ọbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wa nígbà náà kàn sọ pé "ṣíbí tíì" lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti fò ó. Ibẹ̀ ni "kì í ṣe ti ọbẹ̀" ti wọlé. Ẹnì kejì lo omi inú ike ńlá kan láìwọ̀n ọ́n, 75cl ni ike náà. Bí iyọ̀ ìdajì ṣíbí bá wọ 75cl dípò lítà 1, omi yẹn á níyọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ ní ìdá mẹ́ta kan. Ìdí rẹ̀ ni pé "lítà 1" kò ní ohun tí ojú lè mú. Ìyẹn ló gbé ọ̀rá 2 wọnú ọ̀rọ̀ náà, pẹ̀lú pé kí wọ́n wo 50cl lára rẹ̀, torí kì í ṣe gbogbo ọ̀rá ló tó bẹ́ẹ̀.

Ẹnì kẹta po omi náà dáadáa, àmọ́ nígbà tá a bi í pé báwo ló ṣe máa fún ọmọ, ó ní ife kún, lẹ́ẹ̀kan láàárọ̀, lẹ́ẹ̀kan lálẹ́, bí ẹni ń lo oògùn. Àpilẹ̀kọ ti sọ pé mílílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2, 100 sí 200 fún èyí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó ní ohun tó ń wọn mílílítà nílé ìdáná. Ó di báyìí:

> Gbogbo ìgbà tó bá yàgbẹ́, ẹ fún un. Ife tíì ńlá lẹ máa fi wọ̀n ọ́n. Kò tíì pé ọdún méjì? Kó má dín sí ìdá mẹ́rin ife, ó lè tó ìdajì. Tó bá ti lé lọ́dún méjì, ìdajì ife sókè, ó lè mu ife kan. Ṣíbí ṣíbí ni o, ẹ má dà á sí i lẹ́nu. Tó bá bì, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kẹ́ ẹ tún máa fún un díẹ̀díẹ̀.

A kọ "mílílítà 250" sára ife náà lápá ọ̀tún, kí ojú rí i lórí fídíò láìjẹ́ pé ẹnu pè é.

Ibi tó dé

Lẹ́yìn àtúnṣe, ọ̀rọ̀ tó wà lápá òsì jẹ́ 461. Fídíò kejì tá a ká gbà ìṣẹ́jú 3 àti ìṣẹ́jú àáyá 54. Gbólóhùn tó kẹ́yìn nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n da ìyókù omi náà nù bó bá ti pé wákàtí 24, pé kí wọ́n béèrè oògùn síǹkì lọ́wọ́ apoògùn tàbí nọ́ọ̀sì, àti pé bí ORS alápò bá wà nílé, òun ni kí wọ́n lò. Iye síǹkì, mílígíráàmù 20 lójúmọ́ fún ọjọ́ 10 sí 14, àti 10 fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ojú fídíò la kọ ọ́ sí. Ẹnu kò pè é, torí apoògùn ló máa tún un sọ.

ORS alápò yẹn ló kù. A gbìyànjú láti fi í kún fídíò kan náà, àmọ́ ó da "ṣíbí mẹ́fà" rú: ẹni tó gbọ́ ọ tún bu ṣúgà kún ORS tí ṣúgà ti wà nínú rẹ̀. Fídíò tirẹ̀ lọ́tọ̀ la ń kọ lọ́wọ́. Ìkíni kan náà ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, àmọ́ kò sí ṣíbí lórí tábìlì rárá, àfi àpò kan, sísọ́ọ̀sì, àti omi lítà 1 tàbí iye omi tí wọ́n bá kọ sára àpò náà.